Ìwé ìlànà ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní lè gbà sódì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ìdánwò ní yunifásítì kan. Wọ́n ní kí n tún ìwé ìlànà tí à ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ kí ó lè yé wọn. Òfin kẹrin ló ń fa ẹjọ́ jù, òun nìyí: “Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọdọ̀ ní ohun èlò tí a kò fi àṣẹ sí ní ìkáwọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, àyàfi bí alábòójútó bá yọ̀ǹda rẹ̀, ẹni tí ó bá tàpá sí òfin yìí lè fojú winá ìjìyà tí ó yẹ, títí dé orí lílé kúrò ní yunifásítì.” Mo ti gé e sí gbólóhùn kéékèèké, mo ti yọ àwọn ọ̀rọ̀ tó le, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sọ pé kò yé àwọn. Kí ló kù tí n kò tíì ṣe?

Ìdáhùn: Ohun tó kù kò sí nínú gbólóhùn, inú ìpinnu ló wà. Àwọn nǹkan kan wà tí òfin kẹrin yín kò tíì pinnu, kò sì sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì pinnu. Bí ẹ bá gé e sí gbólóhùn mẹ́wàá, àlàfo tó wà nínú rẹ̀ yóò kàn tàn ká inú gbólóhùn mẹ́wàá ni. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ìṣirò tí a fi ń wọn bí ìwé ṣe rọrùn tó láti kà: gígùn gbólóhùn àti gígùn ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà, wọn kò sì lè rí ìbéèrè tí òfin kò dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a ka òfin náà bí akẹ́kọ̀ọ́ tí fóònù rẹ̀ wà lápò ṣòkòtò yóò ṣe kà á. Ó ti pa fóònù náà, kò sì ní i lọ́kàn láti yọ ọ́ jáde. Ǹjẹ́ ó ti rú òfin? Ẹnì kan yóò sọ pé “ìkáwọ́” túmọ̀ sí pé nǹkan náà wà lọ́wọ́ ẹni, nítorí náà kò rú òfin. Ẹlòmíràn yóò sọ pé ibikíbi tí ọwọ́ bá ti lè tó o ni ìkáwọ́, nítorí náà ó ti rú u. Bí fóònù bá wà nínú báàgì lábẹ́ àga ńkọ́? Bí báàgì bá wà níwájú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n tí fóònù inú rẹ̀ dún láàárín ìdánwò ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wí pé kò yé àwọn kò purọ́. Ìtumọ̀ méjì tó ṣe é gbà ni òfin náà fún wọn, wọ́n sì mú èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

“Ohun èlò tí a kò fi àṣẹ sí” ní ìṣòro tirẹ̀. Ibo ni àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí a fi àṣẹ sí wà? Aago ọwọ́ tó lè gba ìsọfúnni jẹ́ aago lójú ẹni tó wọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó máa ń béèrè àṣẹ kí ó tó wọ aago. Ẹ̀rọ ìṣirò tó lè tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú jẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò lásán lójú ẹni tó fi kẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹ̀rọ tí ẹni tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa ń fi sétí kò jìnnà ní ìrísí sí èyí tí a fi ń gbọ́ orin, alábòójútó tí kò bá rí i rí lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbólóhùn “àyàfi bí alábòójútó bá yọ̀ǹda rẹ̀” ló sì léwu jù lójú tèmi, nítorí pé ó sọ alábòójútó kọ̀ọ̀kan di aṣòfin. Akẹ́kọ̀ọ́ béèrè lẹ́nu ọ̀nà, alábòójútó àkọ́kọ́ ní kí ó pa fóònù rẹ̀ kí ó sì fi í sápò. Wákàtí kan lẹ́yìn náà alábòójútó kejì rí i lápò rẹ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ohun tí òfin sọ, ó gba àṣẹ, síbẹ̀ ó ní ẹjọ́ láti jẹ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ kó àwọn ìbéèrè tí òfin kò dáhùn jọ, kí ẹ sì kó wọn tọ àwọn tó ni òfin lọ. Ibi tí ẹ ti máa rí wọn kò jìnnà: ẹ gbé fáìlì àwọn ẹjọ́ tó ti kọjá jáde, kí ẹ ka àlàyé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kọ. Ẹ má wo ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀, ẹ wá àwọn gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “mo rò pé”. “Mo rò pé bí mo bá ti pa á, kò sí wàhálà.” “Mo rò pé aago kò sí lára rẹ̀.” Àwọn kan nínú wọn yóò jẹ́ àwáwí, ṣùgbọ́n bí èrò kan náà bá ti ẹnu àwọn tí wọn kò mọ ara wọn jáde, òfin ló dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ má ṣe fúnra yín dáhùn àwọn ìbéèrè náà, bí ìdáhùn wọn tilẹ̀ dà bí ohun tó hàn gbangba sí yín. Ẹni tó ń tún ìwé kọ kò ní àṣẹ láti ṣòfin, ìpinnu tí ẹ bá sì dá ṣe yóò wó lulẹ̀ ní ọjọ́ tí agbẹjọ́rò akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìwé yín wé òfin tí ìgbìmọ̀ yunifásítì fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ ti lọ, tí wọ́n sì dá yín lóhùn pé: níní fóònù lára tó láti rú òfin, lílò rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, iwájú gbọ̀ngàn ni báàgì gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó bá rántí, tó sì fà á kalẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kò jẹ̀bi, ẹni tó bá fà á kalẹ̀ lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ yóò ní àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ yóò ka fífà tó fà á kalẹ̀ sí i lóore. Ìpinnu tiyín lè yàtọ̀ sí èyí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ó wà. Nígbà tó bá ti wà, kíkọ rẹ̀ kò nira mọ́:

“Ohun tí o lè mú lọ sí ìjókòó rẹ: ohun ìkọ̀wé tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan lára, ìyẹn pẹ́ńsùlù àti bíírò rẹ, káàdì ìdánimọ̀ rẹ, omi nínú ike tí a lè rí inú rẹ̀, àti ẹ̀rọ ìṣirò bí ìwé ìbéèrè bá sọ pé o lè lò ó. Gbogbo ohun mìíràn gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì rẹ níwájú gbọ̀ngàn kí o tó jókòó. Èyí kan fóònù, aago ọwọ́ irú èyíkéyìí, àti ohun tí a ń fi sétí gbọ́ ohùn. Pa aago ìdágìrì fóònù rẹ, lẹ́yìn náà pa fóònù náà, kí o tó fi í sínú báàgì. Bí a bá rí ohun tí kò yẹ lára rẹ, lórí tábìlì rẹ tàbí lábẹ́ àga rẹ, o ti rú òfin, bí o kò tilẹ̀ lò ó, bí o tilẹ̀ ti pa á. Bí o bá rántí lẹ́yìn tí o jókòó pé ó wà lára rẹ, na ọwọ́ sókè, má fọwọ́ kàn án, kí o sì sọ fún alábòójútó. Bí ìdánwò kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, o kò jẹ̀bi. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, alábòójútó yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì kọ ọ́ pé ìwọ fúnra rẹ ló fà á kalẹ̀. Kò sí alábòójútó tó ní àṣẹ láti yí òfin yìí padà fún ọ.”

Ẹ kíyè sí i pé mo yí òfin náà padà sódì kejì. Ohun tí a kò gbà láàyè kò lóǹkà, ọdọọdún ni irú tuntun ń dé, nítorí náà àkọsílẹ̀ ohun èèwọ̀ kì í pé láéláé, ẹni tó bá sì rí i pé tòun kò sí níbẹ̀ yóò gbà pé òun bọ́. Ohun tí a gbà láàyè kéré, ó sì lópin. Bí ẹ bá to ìyẹn, tí ẹ sì sọ pé ohun yòókù gbọ́dọ̀ lọ síwájú, kò sí ohun tó lè bọ́ sí àárín. Mo ṣì dárúkọ fóònù, aago àti ohun etí, nítorí àwọn ni ojú ń wá nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ni wọ́n, òfin náà kò dúró lórí wọn.

Ọ̀rọ̀ aago ìdágìrì lè dà bí ohun kékeré. Fóònù tí a yí sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣì lè fi aago ìdágìrì dún, àwọn fóònù kan sì wà tí tiwọn ń dún bí a tilẹ̀ ti pa wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí fóònù rẹ̀ dún nínú báàgì lẹ́yìn tó ti ṣe gbogbo ohun tí a ní kí ó ṣe yóò máa bẹ̀rù títí ìdánwò yóò fi parí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi rẹ̀ kò ju pé kò sí ẹni tó sọ fún un.

Ìyọ̀ǹda tòótọ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tí kò gba ọ̀dọ̀ alábòójútó. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, tàbí aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà tó ń fi fóònù wo ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì yín kí ọjọ́ ìdánwò tó dé, kí ó sì gbé e sórí tábìlì. Gbólóhùn kan tó sọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á àti ọjọ́ tó gbẹ̀yìn láti béèrè ti tó.

Wàyí o, ìjìyà. “Lè fojú winá ìjìyà tí ó yẹ, títí dé orí lílé kúrò” ń ṣe ìpalára méjì tí wọ́n tako ara wọn. Àwọn kan á ka “lè”, wọ́n á gbà pé ìhàlẹ̀ lásán ni. Àwọn mìíràn á ka “lílé kúrò”, wọ́n á gbà pé gbogbo ẹni tí a bá mú ti parí nìyẹn. Àwọn kejì yìí ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbàgbọ́ pé lílé ló kù fún òun lè fa ìwé pélébé tí a rí lọ́wọ́ rẹ̀ ya, ó lè jẹ ẹ́ mì, ó lè sá jáde pẹ̀lú ìwé ìdáhùn. Ẹ̀ṣẹ̀ tuntun ni ìyẹn, ó sì sábà máa ń wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwé tí kò sọ òtítọ́ nípa ìjìyà lè ti èèyàn láti inú ẹ̀ṣẹ̀ kékeré sínú ńlá.

Ẹ so ìjìyà mọ́ ìwà tí ó tọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin náà gan-an, ẹ má kó gbogbo ìjìyà jọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa wá èwo ni ó bá èwo mu. Bí ìjìyà bá ní ààlà, ẹ sọ èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ sì sọ ẹni tó ń pinnu. Fún àpẹẹrẹ: “Bí a bá rí i lára rẹ tí kò sì sí ẹ̀rí pé o lò ó, ìjìyà rẹ̀ ni òdo nínú ìdánwò yìí. Bí ẹ̀rí bá wà pé o lò ó, èyí tó kéré jù ni òdo nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, èyí tó pọ̀ jù ni kí a lé ọ kúrò ní yunifásítì. Ìgbìmọ̀ ìbáwí ló ń pinnu, alábòójútó kọ́.”

Òdo pàápàá gba ìṣọ́ra. Òdo nínú kí ni? Ẹ wo iṣẹ́ kan tí máàkì ìdánwò rẹ̀ jẹ́ 70, tí máàkì iṣẹ́ àárín sáà sì jẹ́ 30. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gba 26 nínú 30 náà. Bí ó bá gba òdo nínú ìdánwò, 26 ló kù fún un; bí ó bá gba òdo nínú iṣẹ́ náà lápapọ̀, òdo ni. Bí máàkì àṣeyọrí bá jẹ́ 40, ó fìdí rẹmi lọ́nà méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí yóò hàn nínú àkọsílẹ̀ èsì rẹ̀ yàtọ̀, ipa rẹ̀ lórí ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀ yàtọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti tún ìdánwò ṣe yàtọ̀. Òfin tó kàn sọ pé “yóò gba òdo” lè túmọ̀ sí méjèèjì, àti ìkẹta tó burú jù, ìyẹn òdo nínú gbogbo iṣẹ́ sáà náà. Ẹ kọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan sọ bóyá a lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn ìjìyà ni ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà kò sọ rárá: kí ní ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí a bá rí nǹkan náà? Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, alábòójútó yóò gba nǹkan náà, yóò kọ àkókò sára ìwé ìdáhùn, yóò kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sí fọ́ọ̀mù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa bá ìdánwò rẹ̀ lọ. Bí àlàyé kò bá sí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba méjì nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí sódì. Ó lè rò pé jíjẹ́ kí òun máa kọ lọ túmọ̀ sí pé a ti dárí ji òun, kí lẹ́tà ìpè tó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì bá a lójijì. Ó sì lè rò pé bíbuwọ́ lu fọ́ọ̀mù jẹ́ gbígbà pé òun jẹ̀bi, kí ó sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kí ariwo bẹ́ sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ronú. Gbólóhùn márùn-ún lè dènà gbogbo rẹ̀: “O máa bá ìdánwò rẹ lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. A óò ní kí o buwọ́ lu fọ́ọ̀mù láti fi hàn pé o ti rí i. Bíbuwọ́ lù ú kò túmọ̀ sí pé o gbà pé o jẹ̀bi. Ìgbìmọ̀ yóò kọ̀wé pè ọ́ kí o wá sọ tẹnu rẹ kí wọ́n tó pinnu.” Bí fọ́ọ̀mù tí ẹ ń lò bá sì jẹ́ èyí tí ìbuwọ́lù rẹ̀ jẹ́ ìjẹ́wọ́ lóòótọ́, fọ́ọ̀mù náà ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé kò bójú mu kí a gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu ẹni tó ń sá eré àkókò.

Bákan náà ni ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. “Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá” kò tó. Láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ni, tàbí ọjọ́ tí lẹ́tà tẹ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́? Ṣé a ń ka ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn? Ibi tó dára jù láti kọ ọjọ́ náà pàtó ni inú lẹ́tà ìdájọ́ fúnra rẹ̀. Nínú ìwé ìlànà, ó tó kí ẹ sọ pé ẹ̀tọ́ náà wà àti pé ọjọ́ tó gbẹ̀yìn yóò wà nínú lẹ́tà.

Ẹ̀yin kò béèrè nípa àkókò, ṣùgbọ́n mo ní ìdánilójú pé òfin kan nínú ìwé yín sọ pé a kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé “lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ìdánwò bá bẹ̀rẹ̀”. Bí ìwé àkókò bá sọ pé agogo 9:00, tí ìwé ìbéèrè pẹ́ kí ó tó dé, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní 9:10, ṣé 9:30 ni ilẹ̀kùn máa tì, tàbí 9:40? Akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ní 9:35 yóò bá alábòójútó jiyàn lẹ́nu ọ̀nà, olúkúlùkù wọn yóò sì ní òfin lọ́wọ́. Ẹ so ó mọ́ aago tó wà nínú ìwé àkókò, nítorí òun nìkan ni ẹni tó wà níta lè mọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ má bi akẹ́kọ̀ọ́ kankan bóyá ó yé e. Gbogbo wọn ni yóò sọ pé ó yé àwọn, ní pàtàkì bí ẹni tó ń béèrè bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì. Ẹ kọ ìtàn kéékèèké sílẹ̀ dípò rẹ̀, kí ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé tuntun náà, kí ó ṣèdájọ́ ìtàn kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ìka han yín ní gbólóhùn tó mú un ṣèdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn kan lè jẹ́: “Akẹ́kọ̀ọ́ kan rí i pé fóònù rẹ̀, tó ti pa, wà nínú jákẹ́ẹ̀tì tó fi kọ́ ẹ̀yìn àga rẹ̀. Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé ó ti rú òfin? Kí ni kí ó ṣe? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ sí i?” Fífi ìka hàn ṣe pàtàkì, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ lè gba ìdáhùn nítorí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe nítorí ohun tí ìwé yín sọ.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn àga, nítorí pé gbólóhùn tí mo kọ lókè yóò kùnà níbẹ̀. Mo sọ pé “lára rẹ, lórí tábìlì rẹ tàbí lábẹ́ àga rẹ”. Ẹ̀yìn àga kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fara balẹ̀ kà á yóò sọ pé kò rú òfin, òtítọ́ ni yóò sì sọ. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe pé kí a fi ẹ̀yìn àga kún un, torí ọ̀la ni ẹlòmíràn yóò mú ojú fèrèsé wá. Ohun tó yẹ ni kí a fi ibi kan ṣoṣo tí a gbà láàyè ṣe òdiwọ̀n: “Bí a bá rí ohun tí kò yẹ ní ibikíbi yàtọ̀ sí inú báàgì rẹ níwájú gbọ̀ngàn, o ti rú òfin.” Gbólóhùn tuntun yìí kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì ní ihò kankan. Irú àlàfo báyìí kì í hàn sí ẹni tó kọ ìwé. Ìtàn ló ń gbé e jáde.

Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tó fún ìdánwò ìwé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún ibi tí ẹni méjì bá ti ṣìnà kọ, kí ẹ tún fi han àwọn mìíràn tí wọn kò tíì rí i, nítorí ẹni tó ti rí ti àkọ́kọ́ ti mọ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ má mú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, wọ́n mọ òfin ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àwọn tí èdè ìdánwò kì í ṣe èdè ilé wọn, àti ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka ìwé síta nítorí ojú, àwọn ni kí ẹ wá. Ìlànà àgbáyé lórí ìwé kíkọ tó rọrùn, ISO 24495-1, tó jáde ní 2023, fi í ṣe òdiwọ̀n pé kí òǹkàwé lè rí ohun tó ń wá, kí ó yé e, kí ó sì lè lò ó. Ìtàn wọ̀nyí ń wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ náà lè bàjẹ́ ní ibi kan sí i: ẹnu alábòójútó. Bí ìwé yín bá sọ pé báàgì níwájú, tí alábòójútó sì dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdánwò tó wí pé “ẹ pa fóònù yín o”, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ kẹ́yìn ni yóò tẹ̀ lé. Ẹ kọ ohun tí alábòójútó yóò kà sókè fún un, kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú ti inú ìwé, kí ó má ju ohun tí a lè kà tán ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì parí pẹ̀lú ìdánudúró díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá gbàgbé nǹkan sápò yóò fi lè gbé e síwájú láìsí ẹ̀bi. Lójú mi, ìdánudúró náà ṣe pàtàkì ju àwọn lẹ́tà dúdú ńláńlá tí wọ́n máa ń tẹ̀ sórí ìwé ìlànà lọ.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ kọ sísàlẹ̀ pé “bí ìwé yìí bá yàtọ̀ sí òfin yunifásítì, òfin ló lékè”. Bí àwọn agbẹjọ́rò yín bá fi dandan lé e, ẹ fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó rọ́pò iṣẹ́. Ohun tí gbólóhùn náà ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ohun tó kà lè má jẹ́ òótọ́, òun ni yóò sì ru ẹrù rẹ̀. Ó dára jù kí Rẹ́jísírà fi òfin àti ìwé wé ara wọn kí ó tó fọwọ́ sí i, kí nọ́ńbà òfin tí ìlànà kọ̀ọ̀kan ti wá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìpinnu tuntun kan, irú èyí tó wà lókè nípa ẹni tó fa nǹkan kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kò bá sí nínú òfin gan-an, òfin ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Ìwé yín kò gbọdọ̀ ṣèlérí ohun tí ìgbìmọ̀ kò ní láti mú ṣẹ.

Ẹ tẹ ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹ̀dà sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹjọ́ bá dé iwájú ìgbìmọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n béèrè ni ohun tí ìwé tó wà lórí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́ yẹn sọ ní ọjọ́ náà, ẹ̀yin ni ẹ ó sì gbé e wá fún wọn.